Kí O Tó Fi Bísápù Rọ́pò Oògùn Táńsíọ̀n

Àbúrò mi, bí o bá gba ọ̀nà Sakété lọ sí Pọ́bẹ̀ lọ́sàn-án gangan, agbára káká ni mọ́tò á fi dúró níbì kan tí wọn ò ní na ìgò pupa sí ọ lójú fèrèsé. Bísápù ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Àwọn tó ń ná ọjà Ìgólò, tí ẹsẹ̀ wọn ò kúrò ní Ìdí-Ìrókò, á ní sóbò ni. Ohun kan náà ni: òdòdó ìṣápá pupa tí a sá gbẹ, tí a wá fi omi gbígbóná fa àwọ̀ àti kíkan rẹ̀ jáde. Tẹ́lẹ̀, òùngbẹ là ń fi í pa. Nísinsìnyí, ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ó ń gbé táńsíọ̀n wálẹ̀ kó tó dárúkọ owó.

Mi ò ní bá a jiyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òótọ́ tí àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ wọ̀n. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn obìnrin tó ti gbé oògùn dókítà sórí pẹpẹ nítorí bísápù, mo sì ń rí àwọn tó ń mu ìgò kan láàárọ̀, ìgò kan lálẹ́, tí táńsíọ̀n wọn ò yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó tì ọ́, kí n sọ ibi tí agbára ago pupa yìí mọ fún ọ, àti ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra fún un.

Ká kọ́kọ́ yanjú bí a ṣe ń ka táńsíọ̀n. Nọ́ọ̀sì wa níbí á ní "mẹ́rìnlá lórí mẹ́sàn-án." Ní Nàìjíríà, wọ́n á ní 140 lórí 90. Ọ̀kan náà ni, àwa la gé òdo kúrò. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀; ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi láàárín ìlù méjì. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà á pè é.

Ìdí tí mo fi ń fẹ́ kí o dá òdo náà padà ni pé ohun tí bísápù ń mú kúrò kéré débi pé ó lè sọnù síbi tí a ti gé e. Bí táńsíọ̀n bá kúrò ní 147 tó bọ́ sí 140, nọ́ọ̀sì lè pe ti àkọ́kọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó pe ti ìkejì ní mẹ́rìnlá, ìwọ á sì máa yọ̀ pé o ti sọ odindi kan kalẹ̀. Bí ó bá kúrò ní 144 tó bọ́ sí 137, mẹ́rìnlá ló máa pe méjèèjì, ìwọ á ní bísápù ò ṣiṣẹ́. Ohun kan náà ló sì ṣẹlẹ̀ nígbà méjèèjì: 7 ló lọ. Nítorí náà, ní kí wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà náà sínú ìwé rẹ, kí wọ́n má gé nǹkan kan.

Ó dáa, ta ló wọ̀n ọ́n? Ìwádìí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí jù wá láti Mẹ́síkò, níbi tí òdòdó yìí ti jẹ́ ohun mímu ojoojúmọ́ bíi tiwa. Ní 2004, Herrera-Arellano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru níwọ̀nba jọ, wọ́n sì pín wọn sí méjì. Àwọn kan ń mu bísápù kí wọ́n tó jẹun àárọ̀: gíráàmù 10 òdòdó gbígbẹ nínú omi ìlàjì lítà, lójoojúmọ́. Àwọn yòókù ń lo oògùn kaputopirílì, mílígíráàmù 25, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó ń mu bísápù ti kúrò ní nǹkan bíi 139 lórí 91, wọ́n ti bọ́ sí 124 lórí 80. Wọn ò yàtọ̀ sí àwọn tó lo oògùn.

Ibí yìí ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tún wo nọ́ńbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi. 139 lórí 91! Àwọn tó wà lẹ́nu ààlà nìyẹn. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 180 kò sí láàárín wọn. Àwọn olùwádìí kan náà sì tún padà wá ní 2007, wọ́n fi èyí tí wọ́n ti fà jáde tó sì le ju èyí tí à ń sè nílé lọ wé oògùn lisinopirílì mílígíráàmù 10. Bísápù gbé táńsíọ̀n láti nǹkan bíi 146 lórí 98 wá sí 130 lórí 86, èyí tó dára púpọ̀. Síbẹ̀, lisinopirílì gbé e wálẹ̀ jù ú lọ. Ìtàn 2004 ni wọ́n ń sọ lọ́jà, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ti 2007.

Ní Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Tufts tó wà lẹ́bàá Bọ́sítọ̀nù, McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde ní 2010. Àwọn 65 ni wọ́n lò, kò sí èyí tó ń lo oògùn táńsíọ̀n nínú wọn. Wọ́n fún apá kan ní bísápù ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òdòdó inú ife kọ̀ọ̀kan kò ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n fún apá kejì ní omi tí wọ́n ṣe kó jọ ọ́ lójú àti lẹ́nu. Nọ́ńbà òkè lọ sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 7 lára àwọn tó mu ojúlówó, ó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 1 péré lára àwọn tó mu ayédèrú. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ tó dájú hàn. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí ju ti Mẹ́síkò lọ nítorí omi ayédèrú yẹn. Ẹni tó bá gbà pé òun ń mu oògùn, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀, táńsíọ̀n rẹ̀ náà á sì balẹ̀ díẹ̀. Bí a ò bá yọ ìyẹn kúrò, a ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti òdòdó gan-an.

Àwọn ará ilé wa náà ò gbẹ́yìn. Ní Enugu, Nwachukwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní omi ìṣápá yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fún àwọn mìíràn ní háídírókílórótáyásáìdì, oògùn tó ń mú ni tọ̀ dáadáa. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, òdòdó náà ṣe dáadáa ju oògùn yẹn lọ. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó ṣe lára àwọn ará Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà, ó ṣe é lára àwa náà.

Bó ṣe ń ṣe é ò ṣòro láti yé. Ohun tó mú òdòdó náà pupa gan-an ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́. Nínú ara wa, nǹkan kan wà tó máa ń ṣẹ̀dá èròjà tí ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Oògùn kaputopirílì àti lisinopirílì ń dí i lọ́wọ́, bísápù náà sì ń dí i lọ́wọ́ díẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀, ó sì ń mú ni tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí omi ìsè rẹ bá ṣì jọ ewé gbígbẹ tí a fi omi ṣàn lásán, tí àwọ̀ rẹ̀ ò ju ti omi rósì lọ, èròjà náà kò pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọ̀ onílé-iṣẹ́ ni wọ́n dà sí i kó lè pọ́n, ojú lásán ló jọ bísápù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà mọ nìyí. Kò sí èyí tó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ nínú àwọn ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ yìí. Kò sí èyí tó fi hàn pé ẹni tó ń mu bísápù bọ́ lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí kí kídìnrín rẹ̀ má bàjẹ́, nígbà tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rí i pé àwọn oògùn dókítà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò fínnífínní ní àjọ Cochrane sì gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n ní 2021, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti fi ṣèdájọ́. Èyí tó sì yẹ kí o rántí jù: ní Ìránì, níbi tí wọ́n ti ṣe ọ̀kan ní 1999, ọjọ́ kẹta tí àwọn èèyàn náà dá bísápù dúró, táńsíọ̀n wọn ti ń gun òkè padà. Kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Ó ń dì í mú nígbà tí o bá ń mu ún ni.

Wàyí o, kí ni a máa ṣe pẹ̀lú èyí nílé? Ohun tí àwọn ará Mẹ́síkò mu àti ohun tó wà nínú ìgò ojú ọ̀nà, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ti Mẹ́síkò ò ní ṣúgà. Ká sọ pé obìnrin kan se bísápù lítà márùn-ún, ó da ṣúgà ìlàjì kílò sí i, èyí tí àwọn olóhun-dídùn á tiẹ̀ sọ pé ó kéré. Ìlàjì lítà kan nínú rẹ̀ á gbé ṣúgà gíráàmù 50. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ́ kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ ju nǹkan bí iye yẹn lọ ní odindi ọjọ́, wọ́n sì ní ìdajì rẹ̀ ló dára jù. Ìgò kan ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí o tó jẹ ohunkóhun. Ṣúgà púpọ̀ á sọ ọ́ di ẹni tó sanra, ìsanra á gbé táńsíọ̀n ga. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún ọ ní 7, ọwọ́ òsì ń gbà á padà.

Bí o bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, ra òdòdó gbígbẹ gíráàmù 100 lọ́wọ́ ẹni tó ní òṣùwọ̀n. Mú èyí tó pọ́n dúdú, tí kò ní èbu, tí kò rùn bí àpò tó ti lu omi. Dà á sórí atẹ, pín in sí òkìtì mẹ́wàá tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sún mọ́ gíráàmù 10. Òkìtì kan ni ti ọjọ́ kan. Fi omi ṣàn án kíákíá kí iyanrìn lè kúrò, má rẹ ẹ́ nù. Da omi híhó ìlàjì lítà lé e lórí nínú ìkòkò táńganran tàbí ti irin tí kì í dípẹtà, dé e, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdá mẹ́rin wákàtí, kí o sì sẹ́ ẹ. Má lo ìkòkò alumíníọ̀mù tí a fi ń tẹ ẹ̀bà fún un, nítorí pé ó kan gan-an, kíkan a sì máa jẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sínú omi.

Àtalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀ kò burú. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a fọ̀ dáadáa náà á fún un ní adùn láìsí ṣúgà. Bí ẹnì kan bá ní kí o fi káún díẹ̀ sí i kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, má gbà fún un: ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń gbé táńsíọ̀n ga náà ló wà nínú káún.

Ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, kó lè yé wa dáadáa. Ká ní obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún kan wà ní Sakété tó ń ta epo pupa. Wọ́n wọn táńsíọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó jẹ́ 146 lórí 92, 144 lórí 91, 145 lórí 90. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà, kídìnrín rẹ̀ dára, kò sí oyún nínú rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn kankan. Dókítà ní kó kọ́kọ́ tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe kó sì padà wá. Ẹni tí bísápù lè wúlò fún gan-an nìyí, mi ò rí ẹni tó bá a mu jù ú lọ.

Kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, wíwọ̀n nìkan ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, nílé bí ẹ̀rọ bá wà, tàbí ní fàmasí tó sún mọ́ ọn. Á ti tọ̀, á jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ara àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá rẹ̀ á wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kò sì ní sọ̀rọ̀. Á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó sáré dé láti ọjà, tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lórí aṣọ, tó tún ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàríyànjiyàn lórí owó epo, nọ́ńbà tó máa rí lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti òótọ́ lọ. Ìyẹn nìkan ti ju gbogbo ohun tí bísápù lè mú kúrò lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, òkìtì kan lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ láàárọ̀, ìdajì lálẹ́, láìsí ṣúgà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Á dín iyọ̀ àti Maggi inú ọbẹ̀ kù pẹ̀lú. O lè bi mí pé, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá bísápù ló ṣe é tàbí Maggi tó dín kù? A ò ní mọ̀. Kò sì pọn dandan kí a mọ̀, àfi bó bá ní i lọ́kàn láti padà sídìí Maggi. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, á tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, á sì fi wé ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 140 lórí 90, á máa bá a lọ, á sì máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Bí ó bá ṣì dúró sí 145, òdòdó ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Oògùn ló kàn, kí dókítà yan èyí tó bá a mu. Kò gbọdọ̀ sọ pé òun á sọ òkìtì kan di mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá sì ti ń tó 160 tàbí ti ìsàlẹ̀ 100 láti ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò òdòdó yìí kì í ṣe tirẹ̀ rárá.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra wá ńkọ́? Àwọn tó ti ń lo oògùn táńsíọ̀n ni mo fẹ́ fi ṣíwájú, nítorí àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mu ún. Ewu tó tóbi jù fún wọn ni oògùn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, nítorí náà ẹni tó ti lo oògùn títí tí táńsíọ̀n rẹ̀ fi di 128, tó wá gbé e jù sílẹ̀ fún bísápù, ara rẹ̀ á le koko fún oṣù mélòó kan, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òdòdó, nígbà tí nọ́ńbà ń gòkè lábẹ́lẹ̀. Ewu kejì lòdì sí ti àkọ́kọ́: oògùn àti bísápù tó le lè pawọ́ pọ̀ fa táńsíọ̀n lọlẹ̀ jù. Wàá mọ̀ ọ́n bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tí o bá dìde lórí ẹní, tàbí tí ojú rẹ bá ń ṣú nígbà tí o bá ti ìbẹ̀rẹ̀ nàró lóko. Jókòó, wọ̀n ọ́n, dá bísápù dúró ná, kí o sì rí dókítà. Oògùn kọ́ ni wàá kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹni tí táńsíọ̀n tiẹ̀ kéré láti ilẹ̀, tó ń jẹ́ mẹ́sàn-án lórí márùn-ún, kí ló tiẹ̀ ń wá nídìí ìlàjì lítà bísápù lójúmọ́?

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mi ò gbọ́ kí wọ́n máa sọ ní agbègbè wa, bẹ́ẹ̀ ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: díkílófẹ́nákì. Ẹni tó roko ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí láti àárọ̀, tàbí tó ru ẹyìn látinú oko ọ̀pẹ ní Pọ́bẹ̀, ìbàdí ń dùn ún lálẹ́, á gbé díkílófẹ́nákì mì. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ máa ń gbé táńsíọ̀n ga, ó ń mú kí ara di omi mú, ó ń ni kídìnrín lára, ó sì ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oògùn táńsíọ̀n jẹ́. Onítọ̀hún á mu bísápù kí táńsíọ̀n lè wálẹ̀, á sì tún mu ohun tó ń gbé e gòkè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn olùwádìí Nàìjíríà fi hàn ní 2007 pé nígbà tí àwọn èèyàn mu omi ìṣápá pupa fún ọjọ́ mẹ́ta, díkílófẹ́nákì tó ń bá ìtọ̀ wọn jáde dín kù sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé bí oògùn náà ṣe ń gba ara kọjá yí padà. Bí táńsíọ̀n rẹ bá ń ga, tí o sì ń lo díkílófẹ́nákì lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ bá dókítà sọ. Ó ṣeé ṣe kí fífi í sílẹ̀ ṣe ohun tí bísápù ò lè ṣe.

Díkílófẹ́nákì nìkan kọ́. Ní Ilọrin, ní 2004, wọ́n rí i pé bí a bá mu sóbò mọ́ parasitamọ́ọ̀lù, ara a máa lé oògùn náà jáde kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Sùdáànù, ní 1994, wọ́n rí i pé bísápù tiwọn ń dín iye kùlórókúìnì tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kù. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi bísápù gbé oògùn mì. Omi lásán ni kí o fi mì ín, kí o sì fi wákàtí bíi mẹ́ta sáàárín oògùn àti bísápù. Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ fún àìsàn kan gbọ́dọ̀ bi dókítà tàbí oníṣẹ́ fàmasí léèrè ná.

Fún aláboyún, má mu ún bí oògùn. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń lo òdòdó yìí láti fa nǹkan oṣù ní oríṣiríṣi ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó ti dán an wò lára aláboyún tó pọ̀ tó láti sọ pé ewu ò sí. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú náà, kó rọra ṣe: nígbà tí Iyare àti Adegoke ní Nàìjíríà fún àwọn ìyá eku tó ń fún ọmọ lọ́mú mu, àwọn ọmọ wọn obìnrin sanra kíákíá, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà. Eku kọ́ ni wá, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ẹni tí a fi ń dán nǹkan wò. Èyí tó wá ṣe kókó jù nínú ti aláboyún ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún yàtọ̀ sí ti ìyá epo tí mo fi ṣàpẹẹrẹ. Bí orí bá ń fọ́ ọ kíkankíkan, tí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ wú lójijì, tí òkè ikùn ń dùn ọ́, má se nǹkan kan. Gba ilé ìwòsàn lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn náà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó mu ún. Pọ̀tásíọ̀mù wà nínú òdòdó náà, kídìnrín tó rẹ̀ kì í lè lé e jáde dáadáa, ó sì lè da ìlù ọkàn rú bó bá pọ̀ lára. Kaputopirílì àti lisinopirílì pàápàá ń mú kí pọ̀tásíọ̀mù ṣẹ́kù sára, nítorí náà ẹni tó ní àìsàn kídìnrín tó tún ń lo ọ̀kan nínú wọn, bísápù kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti ọlọ́gbẹ́ inú kò gùn: ó kan jù, á ta á nínú. Onítọ̀ ṣúgà lè mu èyí tí kò ní ṣúgà, ṣùgbọ́n kó máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí òdòdó náà lè fà á wálẹ̀ díẹ̀ lórí oògùn tó ń lò.

Nígbà tí o bá ń lọ rí dókítà, mú ìwé tí o ń kọ nọ́ńbà sí dání. Bí ó bá bi ọ́ pé oògùn wo lò ń lò, má sọ pé "kò sí" nítorí pé bísápù kì í ṣe oògùn lójú tìẹ. Sọ pé: "Mò ń mu bísápù, gíráàmù mẹ́wàá lójúmọ́, láti oṣù tó kọjá, kò ní ṣúgà." Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí o ń rà lójú ọ̀nà ni, sọ iye ìgò náà fún un, kí o sì sọ bó ṣe dùn tó.